Epo Pupa, Òróró Ẹ̀pà àti Òróró Àgbọn: Bí A Ṣe Lè Fi Ojú Ara Wa Mọ Èyí Tó Yẹ fún Dídín

Ẹni tó bá ń wá ìwọ̀n ooru tí epo kan fi ń rú èéfín yóò rí i pé iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ kì í bára mu. Àwọn kan á ní òróró ẹ̀pà ń rú èéfín ní 160°C, àwọn mìíràn á ní ó di nǹkan bíi 230°C. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n kàn fún, tí wọ́n sì sẹ́, ni àwọn ti àkọ́kọ́ ń sọ. Àwọn kejì ń sọ èyí tí ilé iṣẹ́ ti fọ̀, tí wọ́n ti yọ àwọ̀, òórùn àti àwọn ohun tó jẹrà kúrò nínú rẹ̀. Bákan náà ni òróró àgbọn: èyí tí wọn kò fọ̀ ń rú èéfín ní nǹkan bíi 175°C, èyí tí wọ́n fọ̀ sì lè kọjá 200°C. Epo pupa ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún le jù, nítorí pé bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ di aláwọ̀ ìyeyè ṣe lè dé nǹkan bíi 230°C kó tó rú èéfín, ìgò epo pupa aláìfọ̀ méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ kan náà, kí ọ̀kan fi nǹkan bí ogún dígírì yára rú èéfín ju èkejì lọ.

Nítorí náà, orúkọ epo nìkan kò tó láti fi yàn án. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe lè dán epo tó wà lọ́wọ́ yín gan-an wò, bí ẹ ṣe lè fi èsì rẹ̀ yan ìwọ̀n ooru tí ẹ ó fi dín nǹkan, àti bí ẹ ṣe lè ṣírò ọ̀rá tó wọ oúnjẹ náà.

Ohun tó ń fa èéfín

Nínú epo, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ló máa ń so mọ́ gílísẹ́rìnnì kan, bí ẹni pé okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi di igi mẹ́ta pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì so pọ̀, ooru kì í tètè gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n omi, ọjọ́ orí, èso tó ti jẹrà kí wọ́n tó fún un, àti dídín nǹkan léraléra máa ń já ìdè yìí, àwọn ásíìdì tó já sọnù náà ló sì ń kọ́kọ́ fò lọ bí èéfín nígbà tí ooru bá mú wọn. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó nínú epo ni èéfín ṣe ń yá tó. Nínú epo pupa aláìfọ̀, wọ́n lè tó 5 nínú 100, pàápàá bí àwọn ẹyìn náà bá ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè wọ́n. Iṣẹ́ kan pàtàkì tí ilé ìfọpo ń ṣe ni láti kó wọn kúrò, ìdí sì nìyí tí epo tí wọ́n fọ̀ fi ń fara da iná. Gílísẹ́rìnnì tó ṣẹ́ kù náà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ooru bá pọ̀ jù, ó máa ń di ákíróléènì, ìyẹn ohun tí ń ta ènìyàn lójú àti lọ́fun nígbà tí epo bá jóná.

Bí a ṣe ń dán epo wò

Ẹ wá ìkòkò kékeré kan tí ìdí rẹ̀ nípọn, pẹ̀lú ọmọrí tó bá a mu gẹ́ẹ́. Ẹ wá tẹmómítà oúnjẹ tó lè ka ooru dé 250°C, bébà dúdú kan àti tọ́ọ̀ṣì. Ìkòkò bàbà tàbí ti idẹ kò dára fún iṣẹ́ yìí, kò sì dára fún dídín nǹkan rárá, nítorí bàbà tó wà nínú wọn máa ń mú kí epo tètè bàjẹ́. Ẹ fọ ìkòkò náà, kí ẹ sì nù ún títí tí kò fi ní ku ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Ẹ da 250 mílílítà epo sínú rẹ̀. Ẹ gbé tẹmómítà kọ́ kí orí rẹ̀ wà láàárín epo, kí ó má kan ìdí ìkòkò, nítorí ìdí ìkòkò máa ń gbóná ju epo lọ, yóò sì fún yín ní iye tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ fi bébà dúdú sí ẹ̀yìn ìkòkò, níbi tí iná kò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹ pa fáànù, torí pé afẹ́fẹ́ fáànù máa ń tú èéfín tín-ín-rín ká kí ojú tó rí i.

Ẹ tan iná níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ooru bá ti dé 140°C, ẹ dín iná kù kí ó lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń sáré, tẹmómítà yóò máa rìn lẹ́yìn rẹ̀, iye tí ẹ ó kọ yóò sì kéré sí ti òótọ́. Ohun tí ẹ ń wò fún ni okùn èéfín tín-ín-rín kan, aláwọ̀ búlúù díẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ka tẹmómítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pa iná lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò yìí, mo kọ 110°C sílẹ̀ fún epo pupa, ó sì yà mí lẹ́nu gidigidi títí tí mo fi mọ̀ pé oru omi ni mo kà sí èéfín. Epo aláìfọ̀ sábà máa ń ní omi díẹ̀ nínú, omi yẹn á sì jáde bí ooru bá ti kọjá 100°C díẹ̀. Oru omi máa ń funfun, ó máa ń tètè pòórá, kì í ta ojú, epo náà á sì máa ta pẹ́pẹ́pẹ́ lákòókò náà. Bí ẹ bá fara balẹ̀, yóò tán, ojú epo á sì parọ́rọ́ kí èéfín gidi tó dé.

Ẹ má ṣe fi epo sílẹ̀ lórí iná nígbà ìdánwò yìí. Bí epo bá ti dé 230°C tí kò rú èéfín, ẹ pa iná, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀: kò sí dídín kankan tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí epo bá ṣèèṣì gbiná, ẹ fi ọmọrí bò ó, kí ẹ pa iná, kí ẹ má sì gbé ìkòkò náà kúrò níbi tó wà. A kì í bu omi sí epo tó ń jó, nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ni omi náà á di oru, tí á sì ju epo oníná káàkiri ilé.

Èyí ni ohun tí mo rí nígbà tí mo dán tèmi wò. Òróró ẹ̀pà tí ilé iṣẹ́ ti fọ̀ rú èéfín ní 226°C. Òróró àgbọn aláìfọ̀ rú èéfín ní 174°C. Epo pupa aláìfọ̀ tuntun rú èéfín ní 178°C, àmọ́ epo pupa mìíràn tó ti wà nínú ìgò ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ oṣù kò kọjá 161°C. Bí mo bá ti gbẹ́kẹ̀ lé iye kan ṣoṣo tí wọ́n kọ fún "epo pupa", ọ̀kan nínú ìgò méjèèjì yìí ni ì bá ti tàn mí jẹ.

Láti inú èsì dé orí iná

Ẹ yọ dígírì 15 sí 20 kúrò nínú iye tí ẹ kọ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni òpin ooru tí ẹ lè fi epo náà dín nǹkan. Kì í ṣe ojo ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó oúnjẹ jáde nínú epo tí iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ooru rẹ̀ máa ń fò sókè kí ìpín kejì tó wọlé, àkókò yẹn gan-an sì ni epo máa ń jóná lójú ẹni tó rò pé òun ń ṣọ́ ọ.

Dídín tí oúnjẹ rì sínú epo máa ń wáyé láàárín 160°C sí 180°C lọ́pọ̀ ìgbà. Bí epo bá tutù ju èyí lọ, oúnjẹ yóò pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó pọ́n, yóò sì mu epo. Ẹ wá wo ohun tí ìṣirò wa sọ: òróró ẹ̀pà tí wọ́n fọ̀ lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí wàhálà. Epo pupa tuntun yẹn kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 160°C lọ, òróró àgbọn aláìfọ̀ kò gbọdọ̀ ju 155°C, ìyẹn ni pé ó dára fún epo díẹ̀ nínú páànù, lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, níbi tí a ti ń yí nǹkan padà. Epo pupa àtijọ́ kò yẹ fún dídín mọ́ rárá, ọbẹ̀ nìkan ni mo lò ó fún.

Àwọn kan máa ń gbé epo pupa ka iná gbígbóná títí tí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí, kí wọ́n tó dín nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń pàdánù níbẹ̀. Kárótìnì ló mú epo pupa pọ́n, òun sì ni ara ń sọ di fítámì A. Bí àwọ̀ náà bá ti lọ, kárótìnì ti lọ nìyẹn, kí epo náà tó ṣí sì rèé, ó ti rú èéfín fún ìgbà pípẹ́. Bó bá jẹ́ pé epo tó ṣí ni ẹ fẹ́, èyí tí ilé iṣẹ́ fọ̀ sàn jù, nítorí àwọn ásíìdì tó já náà ti kúrò nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé sísun epo lórí iná ilé ń dá kún wọn ni.

Èéfín nìkan kọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé epo tí kì í tètè rú èéfín ló gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bí a bá ń lò ó léraléra. Ìwọ̀n èéfín ń sọ ibi tí ooru lè gùn dé lónìí. Kò sọ iye ìgbà tí epo náà lè padà sórí iná. Irú ọ̀rá tó wà nínú epo ló ń pinnu ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká pín ọ̀rá sí mẹ́ta: ọ̀rá líle, tó máa ń dì bí òtútù bá mú un, ọ̀rá àárín, àti ọ̀rá ẹlẹgẹ́, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń tètè bàjẹ́ nígbà tí ooru bá wà. Nínú òróró ẹ̀pà, ọ̀rá ẹlẹgẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú epo pupa, nǹkan bí 10 nínú 100 ni, nínú òróró àgbọn, kò ju nǹkan bíi 2 lọ. Nítorí náà, òróró ẹ̀pà tó fara da 220°C lè nípọn, kó sì máa rùn lẹ́yìn ìlò mélòó kan, nígbà tí epo ọ̀pẹ tí wọ́n fọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń dín nǹkan lójoojúmọ́ nínú epo kan náà ló yẹ kó fi èyí sọ́kàn; ẹni tó ń dín nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì ń da epo rẹ̀ nù lẹ́yìn ìlò méjì mẹ́ta, kò ní ohun tó yẹ kó bẹ̀rù lára òróró ẹ̀pà.

Òróró àgbọn ní àléébù tirẹ̀, omi ló sì ń fà á. Bí oúnjẹ tútù bá ń wọ inú rẹ̀ léraléra, àwọn ásíìdì rẹ̀ tó kúrú máa ń já, adùn bí ti ọṣẹ á sì yọ lára ohun tí a dín. Èyí tó tún burú ni kí a pò ó mọ́ epo mìíràn: àpòpọ̀ òróró àgbọn àti òróró ẹ̀pà tàbí epo ọ̀pẹ máa ń ru ìfófòó púpọ̀ nígbà dídín, ìfófòó náà sì lè gòkè kọjá ẹnu ìkòkò dé orí iná. Ẹ má fi ọ̀kan kún èkejì nítorí pé epo fẹ́ tán. Bí òróró àgbọn bá sì ti dì, nítorí pé ó máa ń dì bí ooru bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi 24°C lọ, ẹ fi iná kékeré yọ́ ọ kí ẹ tó fi kún iná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ìsàlẹ̀ á ti máa jó nígbà tí ti òkè ṣì funfun.

Ọ̀rá tó wọ inú àwo

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ni a ó fi ìṣirò ṣe, kì í ṣe àríyànjiyàn. Mo gé 500 gíráàmù ọ̀dùnkún sí bíbẹ́ tó nípọn tó mílímítà 8, mo fi omi ṣàn wọ́n, mo sì fi aṣọ mímọ́ nù wọ́n gbẹ dáadáa. Mo wọn lítà kan òróró ẹ̀pà, tó jẹ́ 910 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n, mo gbé e ka iná dé 165°C. Nǹkan bí 150 gíráàmù ni mo ń kó sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, ooru máa ń já sí nǹkan bíi 145°C. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà ni, ì bá já ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dùnkún náà ì bá sì rọ̀, kó kún fún epo. Ìpín kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì gbé wọn sórí asẹ́ onírin kí epo ara wọn lè ro kúrò.

Nígbà tí epo tutù, mo fi èyí tó ro sílẹ̀ kún un, mo tún un wọ̀n: ó ku 855 gíráàmù. Gíráàmù 55 ló bá ọ̀dùnkún lọ. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jẹ ẹ́, nǹkan bíi 14 gíráàmù ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá kan. Epo yòówù kó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálórì rẹ̀ kò yàtọ̀, nítorí gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, ì báà pupa, ì báà funfun.

Ọ̀rá líle ni ìyàtọ̀ wà. Nínú ṣíbí kan náà, òróró ẹ̀pà ní nǹkan bíi gíráàmù 2 àti ààbọ̀, epo ọ̀pẹ ní nǹkan bíi 7, òróró àgbọn sì ní nǹkan bíi 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọ̀rá líle má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo kálórì oòjọ́ lọ. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 22. Ṣíbí òróró àgbọn méjì ti gbà á tán, kí a tó ka ẹran, wàrà tàbí ẹyin. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀rá líle ti àgbọn yàtọ̀, pé kì í ṣe ọkàn ní ibi. Ṣùgbọ́n ìwádìí lára ènìyàn fi hàn pé ó ń gbé kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù búburú inú ẹ̀jẹ̀ sókè ju irú òróró bíi ti ẹ̀pà lọ, èmi kò sì ní fi ṣe epo ojoojúmọ́. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò pé "kò ní kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù" jẹ́ òótọ́ nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ara ewéko ni wọ́n ti wá. Kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀rá líle inú wọn.

Ní ti fítámì E, epo pupa àti òróró ẹ̀pà ní i dé ìwọ̀n tó jọra, òróró àgbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Epo pupa nìkan ló ní kárótìnì, ẹ sì ti rí i pé ooru pẹ̀lẹ́ ló yẹ ẹ́. Òróró ẹ̀pà aláìfọ̀ ní ewu kan tí òróró tí wọ́n fọ̀ kì í sábà ní: bí ẹ̀pà tí wọ́n fún bá ti bu, májèlé áfílátọ́sìnì lè bá òróró náà wá, ooru ìdínǹkan kò sì ní mú un kúrò tán. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sún mọ́ irú òróró yẹn pẹ̀lú, bó ti wù kó gbóná tó.

Lẹ́yìn dídín

Ẹ jẹ́ kí epo tutù dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, nítorí èérún tó kù nínú rẹ̀ yóò tún jóná nígbà mìíràn, á sì sọ epo di dúdú. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ti lò ó sára ìgò náà.

Kí ẹ tó tún un lò, ẹ bu 250 mílílítà nínú rẹ̀, kí ẹ tún ìdánwò èéfín ṣe. Òróró ẹ̀pà mi tó bẹ̀rẹ̀ ní 226°C ti wálẹ̀ sí 193°C lẹ́yìn ìlò kẹrin, lẹ́yìn ìkẹfà ó di 178°C. Ooru 165°C ni mo fi ń dín ọ̀dùnkún mi. Àlàfo tó kù kò tó dígírì 15 mọ́, ìfófòó kéékèèké sì ti ń dúró lójú rẹ̀ láìfọ́. Mo jẹ́ kó tutù pátápátá, mo rọ ọ́ padà sínú ike kan tó ní ìdérí, mo sì kó o pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ilé, nítorí epo tí a bá dà sí ojú ihò ìfọwọ́ máa ń dì mọ́ inú páìpù.